"Everyone" àti "Their": Ọ̀rọ̀ Àgbà fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ẹ Ń Kọ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ bá yín sọ, mo sì mọ̀ pé orí á ti máa fọ́ àwọn kan nínú yín kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe gbogbo gírámà ni mo fẹ́ kó dà sílẹ̀ níwájú yín. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni: "everyone", "everybody", "somebody", "anyone", "nobody" àti "each", pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń tẹ̀ lé wọn, ìyẹn "they" àti "their". Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé girama, mo sì rí i pé ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá ti pàdé ni àwọn ọmọ Yorùbá tí orí wọn pé dáadáa ti máa ń kọsẹ̀. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ohun tí kò burú ni wọ́n sábà máa ń bá wọn wí fún, ohun tó burú gan-an á sì rọra kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé wa bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí padà nítorí iye èèyàn. Mo lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ: "lọ" kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó" tiwa kò béèrè bóyá ọkùnrin lẹni náà tàbí obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan ṣoṣo, tí kì í ṣe èmi tó ń sọ̀rọ̀, tí kì í sì í ṣe ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ìsinsìnyí gbọ́dọ̀ ní "s" nídìí: "he goes", "she has", "it is". Tí wọ́n bá ti di púpọ̀, "s" yẹn á bọ́ sílẹ̀: "they go", "they have", "they are". Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dàgbà ní láti fi ọkàn ara rẹ̀ ṣọ́ "s" yìí, torí kò sí ohun tó jọ ọ́ nínú èdè ìyá rẹ̀ tí yóò máa rán an létí.

Wàyí o, bí a bá gbọ́ "everyone", gbogbo èèyàn ló ń wá sí wa lọ́kàn, gbogbo èèyàn sì pọ̀. Ọkàn á wá tì wá pé ká kọ "everyone have", ká kọ "everybody are". Ojú tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń wò ó yàtọ̀. "All" ló ń kó àwọn èèyàn jọ gègèrè. "Everyone" ń kà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn, "one" sì wà nínú ara rẹ̀ tó ń jẹ́rìí sí i. Nítorí náà "all have", ṣùgbọ́n "everyone has". "All are", ṣùgbọ́n "everyone is". "Everybody", "each", "somebody", "someone", "anybody", "anyone" àti "nobody" náà ń tọ ọ̀nà kan náà. Ní ti ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sí àríyànjiyàn nínú Gẹ̀ẹ́sì àkọsílẹ̀. Ẹyọ ni wọ́n.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa wà lẹ́nu lásán, ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n fi ọ̀kan nínú yín ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé ní àdúgbò kan ní Ìbàdàn. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin wà nínú wọn. Alága ẹgbẹ́ ní kí akọ̀wé kọ ìwé kékeré kan tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ẹnu géètì. Ohun tí akọ̀wé kọ rèé:

"Everyone of the tenants have received his letter."
"Each of the tenants are to pay before Friday."
"If somebody lose his receipt, he should see the secretary."
"The chairman says they will not be around, because they have travelled."

Gbólóhùn mẹ́rin ni. Mo yan gbogbo àṣìṣe inú wọn nítorí pé èyí tí mo máa ń rí nínú ìwé àwọn ọmọ gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èkíní, "everyone" tí a kọ papọ̀ kì í gba "of" lẹ́yìn. Bí "of" bá ń bọ̀, a ó pín in sí méjì: "every one of the tenants". Èyí tí a pín sí méjì yìí ṣeé lò fún nǹkan pẹ̀lú, bí "every one of the plates". Èyí tí a kọ papọ̀, èèyàn nìkan ló wà fún. Èkejì, "have" yẹn gbọ́dọ̀ di "has". Ohun tó tan akọ̀wé wa ni "tenants". Òun ló dúró ti ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ́kípẹ́kí, "s" ọ̀pọ̀ wà nídìí rẹ̀, etí sì gbé e, ó gbàgbé pé kì í ṣe òun lolùwà gbólóhùn náà. Ẹ̀kẹta ni "his", èmi yóò sì padà sórí rẹ̀ láìpẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Gbólóhùn kejì ń ṣe àìsàn kan náà. Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ láti mọ̀ ọ́n rọrùn: ẹ fi ìka bo "of the tenants" mọ́lẹ̀, kí ẹ wá ka ohun tó ṣẹ́ kù. "Each ... are to pay"? Etí yín fúnra rẹ̀ á kọ̀ ọ́. "Each is to pay" ló tọ́. Bí ó ti wù kí ohun tó wà láàárín "each" àti ọ̀rọ̀-ìṣe gùn tó, ẹ fi ìka bò ó. "Each of the tenants in the three houses behind the two churches" ṣì ń gba "is". Kódà bí a bá fi "and" so èèyàn méjì pọ̀ lẹ́yìn "every" tàbí "each", ẹyọ náà ni: "every man and woman has paid".

Ibì kan wà tí "each" kì í ti í darí ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ó bá wá lẹ́yìn olùwà tó jẹ́ ọ̀pọ̀, olùwà yẹn ló láṣẹ: "The tenants each have a key." Níbẹ̀, "tenants" ni olùwà, "each" kàn ń ṣàlàyé bí kọ́kọ́rọ́ ṣe pín láàárín wọn ni. Ẹ kíyè sí i dáadáa, torí àwọn tó bá ti há òfin sórí pé "each" ẹyọ ni máa ń ba gbólóhùn tó dára jẹ́ níbi yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "does", "did", "must" àti "should" ti máa ń gba "s" kúrò nídìí ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé wọn. "Does everyone have a key?" dára. "Does everyone has a key?" kò dára, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tó ń bẹ̀rù àṣìṣe jù ló máa ń kọ ọ́.

Nínú gbólóhùn kẹta, "lose" gbọ́dọ̀ di "loses", torí "somebody" ni olùwà. Ìyẹn ti tán. Ó wá ku "his" àti "he".

Ta ni "his" yìí? Mo ti sọ pé ọkùnrin àti obìnrin ló ń gbé àdúgbò náà. Obìnrin tó dúró sẹ́nu géètì tó ń ka ìwé yìí, ó sanwó bí ọkùnrin ṣe sanwó, rìsíìtì rẹ̀ náà lè sọnù. Àwọn olùkọ́ tó kọ́ mi sọ fún mi pé "his" ni kí n kọ, pé ó kó obìnrin mọ́ra. Àwọn mìíràn ní "his or her" ló dára. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ "their", bírò pupa á fò lé e lórí, wọ́n á ní "somebody" ẹyọ ni, "their" ọ̀pọ̀ ni, méjèèjì kò sì lè gbé pọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fún ìgbà pípẹ́, mo sì ń sọ fún yín láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé òfin yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tó ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo "they" fún ẹnì kan tí a kò mọ̀, tàbí fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà jẹ́, láti nǹkan bí ọdún 1375, nínú ìtàn ewì kan tí wọ́n tú láti èdè Faransé, lórí ọkùnrin kan tó ń di ìkookò. Ó ti lé ní 600 ọdún. Chaucer lò ó, Shakespeare lò ó, Jane Austen lò ó léraléra nínú àwọn ìwé ìtàn rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba Jákọ́bù nílé, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1611, ẹ ṣí i sí Matiu 18:35. Ẹ ó rí "every one" níbẹ̀, ẹ ó sì rí "their" tó tẹ̀ lé e. Ẹ tún ṣí i sí Filipi 2:3, ẹ ó rí "each", ẹ ó sì rí "themselves" lẹ́yìn rẹ̀. Bíbélì yẹn ni ọ̀pọ̀ baba ńlá wa fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà nínú àpótí wọn ní gbogbo ìgbà tí àwọn olùkọ́ ń nà wá nítorí "their".

Níbo wá ni òfin yẹn ti wá? Ọwọ́ àwọn tó kọ ìwé gírámà ló ti wá. Ẹni tí ìwé rẹ̀ tàn ká jù lọ nínú wọn ni Lindley Murray, agbẹjọ́rò ọmọ Amẹ́ríkà kan tó lọ ń gbé nítòsí ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1795 ló gbé ìwé gírámà rẹ̀ jáde. Ó fi "any one" tí "their" tẹ̀ lé hàn bí àṣìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ tún ṣe, ó sì fi "his" rọ́pò rẹ̀. Ìwé náà wọ ilé ìwé káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìmọye ìgbà, àwọn ìwé tó tẹ̀ lé e sì ń da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ. Ní ọdún 1850, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe òfin pé nínú ìwé òfin wọn, ọ̀rọ̀ tó bá tọ́ka sí akọ kó abo mọ́ra. Àṣà yẹn ló bá ìjọba amúnisìn dé ọ̀dọ̀ wa. Títí di òní, abala 14 nínú òfin tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń túmọ̀ àwọn òfin Nàìjíríà sọ ohun kan náà, ìdí nìyẹn tí abala 33 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fi ń sọ nípa ẹ̀mí ẹnikẹ́ni tó sì ń lo "his". Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ẹ mọ èyí: nínú ìwé òfin, òfin mìíràn wà tó sọ pé "his" kó obìnrin mọ́ra. Nínú ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu géètì, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ṣì sọ pé, "Bàbá, ẹyọ kò lè di ọ̀pọ̀ láàárín gbólóhùn kan." Ó dára. Ẹ gbìyànjú gbólóhùn yìí wò: "Everyone clapped, so I thanked him." Ta ni "him"? Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Everyone clapped, so I thanked them" nìkan ló ṣeé sọ. Ẹ tún wo ìbéèrè kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi sí ìdí gbólóhùn, èyí tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi dán yín wò ní Wáẹ̀kì: "Everybody is here, aren't they?" Èyí ni ìdáhùn tí olùkọ́ ń fẹ́, òun kan náà tó fi bírò pupa pa "their" rẹ́ lójú ewé kejì. "Is" wà nínú rẹ̀, "are" wà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn kan náà la sì ń sọ̀rọ̀ wọn.

Gbólóhùn kékeré yẹn gan-an ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń pinnu. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó dúró ti "everybody" ń wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, ó sì rí ẹyọ, ó gba "is". Arọ́pò-orúkọ tó wá lẹ́yìn ń wo àwọn èèyàn tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún, ó lè jẹ́ "they". Bí "they" bá sì ti dé, yóò mú ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ wá, ọ̀rọ̀-ìṣe náà á sì jẹ́ "are", kò ní jẹ́ "is" láéláé, bí ẹnì kan ṣoṣo tilẹ̀ ni. "Somebody is at the gate, and they are knocking." Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ti lè gbọ́ ìdí tí "is" fi wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tí "are" fi wà ní ìparí, ìdàrúdàpọ̀ tán.

Kò sì yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu rárá. Ẹ wo "you". Láyé àtijọ́, "thou" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹnì kan, "ye" àti "you" ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi "you" pe ẹni ọ̀wọ̀, bí àwa náà ṣe ń fi "ẹ" pe àgbà kan ṣoṣo, títí "you" fi gba ilé lọ́wọ́ "thou" pátápátá. Àwọn kan bínú sí i nígbà yẹn. Ní ọdún 1660, George Fox tó dá ìjọ àwọn Kúékà sílẹ̀ bá àwọn ẹlòmíì gbé ìwé ńlá kan jáde láti fi hàn pé ẹyọ ni ẹyọ, ọ̀pọ̀ ni ọ̀pọ̀, pé kò yẹ kí a máa pe ẹnì kan ní "you". Lónìí, ta ló ń bá yín jà pé ẹ sọ "you are" fún ẹnì kan? "Are" ọ̀pọ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ "you is" nínú ìwé. Ọ̀nà tí "you" tọ̀ ni "they" ń tọ̀.

Ó wá ku gbólóhùn kẹrin nínú ìwé akọ̀wé wa, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kàn jù. "The chairman says they will not be around, because they have travelled." Alága kan ṣoṣo ni, ọkùnrin ni, akọ̀wé sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Kí ló wá dé tó fi kọ "they"? Ọ̀wọ̀ ni. Nílé wa, bí bàbá bá jáde, "wọ́n ti jáde" là ń sọ. Bí ìyá bá ń pe ọmọ, àbúrò á sáré wá sọ pé "wọ́n ń pè yín". Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kò lè la ẹnu sọ pé "ó" fún alága. Ohun tó ti mọ́ ọn lára yìí ló gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Irú ẹ̀ náà ni "They are calling you" tí à ń gbọ́ káàkiri Ìbàdàn àti Èkó, tó sì jẹ́ pé ẹnì kan péré ló ń pe èèyàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. "They" tí mo ń gbè lẹ́yìn láti òkè wá kì í ṣe "wọ́n" ọ̀wọ̀. "They" ti Gẹ̀ẹ́sì wà fún ẹni tí a kò mọ̀, tàbí ẹni tó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wa: "somebody", "anyone", "each tenant". Kò ní ọ̀wọ̀ kankan nínú. Bí ẹ bá kọ ọ́ fún alága, Gẹ̀ẹ́sì tó bá kà á kò ní rò pé ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Yóò rò pé alága àti àwọn mìíràn jọ rìnrìn àjò ni, ó lè máa wá orúkọ àwọn yòókù. Oyè ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń bọ̀wọ̀. Ẹ pè é ní "the chairman", ẹ pe bàbá yín ní "my father", kí ẹ wá fi "he" tẹ̀ lé e láìbẹ̀rù. Ẹ kò rí i fín. Bákan náà, ẹ má fi "they" sá fún wàhálà "he" àti "she". Mo mọ̀ pé "ó" wa ló ń mú kí àwọn kan kọ "my mother said he is coming". Ìyá yín ni ẹ mọ̀, obìnrin ni, "she" ni kí ẹ kọ. Bó bá sì jẹ́ ẹgbẹ́ obìnrin nìkan, "each of the women has paid her dues" dára ju "their" lọ, torí kò sí iyèméjì kankan níbẹ̀.

Ìwé akọ̀wé wa á wá rí báyìí:

"Every one of the tenants has received their letter."
"Each of the tenants is to pay before Friday."
"If somebody loses their receipt, they should see the secretary."
"The chairman says he will not be around, because he has travelled."

N kò ní fi ibi tí "they" ti ń dá wàhálà sílẹ̀ pa mọ́ fún yín. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn bá wà nínú gbólóhùn kan náà, "they" lè má mọ ilé tó máa wọ̀. "If anyone quarrels with the guards, they will be reported." Ta ni wọn yóò fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ẹni tó jà ni àbí àwọn ọlọ́dẹ? Ẹnu géètì kì í ṣe ibi tó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ má fi "he" tún un ṣe, torí obìnrin náà lè jà. Ẹ yí gbólóhùn náà padà kí arọ́pò-orúkọ má tilẹ̀ sí níbẹ̀: "Anyone who quarrels with the guards will be reported." Ọ̀nà yìí wúlò gan-an. Ẹ tún lè sọ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn di ọ̀pọ̀: dípò "each tenant must bring his or her key", ẹ kọ "all tenants must bring their keys", kò sì sí olùkọ́ kankan láyé tó lè fi bírò kàn án. "His or her" kò burú bó bá wáyé lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tó ìgbà mẹ́ta nínú ìpínrọ̀ kan, á ti rẹ òǹkàwé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti irú ìlú bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé "they" mìíràn ti wà báyìí. Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ kí a pe àwọn ní "he" tàbí "she", tí wọ́n sì ní "they" ni kí a máa lò fún àwọn, bí a tilẹ̀ mọ̀ wọ́n dáadáa. Ìwé atúmọ̀-èdè Merriam-Webster fi ìtumọ̀ yìí kún ti tẹ́lẹ̀ ní ọdún 2019, ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù iṣẹ́ sì ń béèrè rẹ̀. Bí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, orúkọ á gba ẹyọ, "they" á gba ọ̀pọ̀: "Sam is in the office, and they are on the phone." Gírámà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti "somebody" tí mo ti ṣàlàyé.

Nípa ìdánwò ńkọ́? Ẹ jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ní ọdún 2019 kan náà, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń tẹ̀ lé ìlànà ìkọ̀wé wọn, gba "they" ẹyọ wọlé nínú ẹ̀dà keje ìwé ìlànà wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ní yunifásítì tó ń lo ìlànà yẹn, ẹ lè lo "they" ní gbangba. Nínú ìdánwò níbi tí ẹ ti ń yan ìdáhùn, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀-ìṣe. Èyí tó bá ní "everyone have" tàbí "each of them are", ẹ sọ ọ́ nù lójú ẹsẹ̀. Bó bá wá ku èyí tó ní "his" àti èyí tó ní "their", ẹ rántí pé ìwé gírámà àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìbéèrè, kí ẹ sì yan èyí tí ìwé tí wọ́n fi kọ́ yín fọwọ́ sí. Nínú lẹ́tà àti àròkọ tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, tí ẹ kò sì mọ irú ẹni tó máa gbà á, ẹ sọ olùwà di ọ̀pọ̀, kí ẹ lọ ní àlàáfíà. Ẹ kọ "themselves", ẹ má kọ "themself" fún olùdánwò, bí ó tilẹ̀ wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ jẹ́ ọmọ mi, tí ẹ di bírò pupa mú lónìí, ọwọ́ yín ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí lé. Bí ọmọ bá kọ "Everyone have brought their book", ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa ìlà sábẹ́ "have", kí ẹ sì fi "their" rẹ̀ sílẹ̀ fún un.